Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí A Ṣe Ń Fi Fóònù Wádìí Ilé Oníbàárà ní Òṣogbo

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ pípe oníbàárà kí dísípáàṣì tó gbéra ni mo kọ èyí fún. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù ló wà níbí. Bí a ṣe ń ṣe é ní Òṣogbo ni mo sì tẹ̀ lé, nítorí ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní bí wọ́n ṣe ń júwe ilé níbẹ̀.

Oníbàárà ti kọ àdírẹ́sì sílẹ̀. Kí ló dé tí mo tún ní láti pè é?

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń kọ ná. "Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Òkè-Baálẹ̀." "Ilé alájà kan, Ọ̀nà Ìkìrun." "Ẹ pè mí tí ẹ bá dé Ọláìyá." Irú èyí ló pọ̀ jù, ẹni tó kọ ọ́ kò sì purọ́. Ohun tó máa ń sọ fún ọlọ́kadà lójoojúmọ́ náà ló kọ, ọlọ́kadà àdúgbò sì máa ń gbé e délé.

Nọ́ńbà ilé wà lára ògiri lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kan lè ní oríṣi mẹ́ta. Àwọn tó wá ka ilé kọ tiwọn, àwọn tó ń gba owó nǹkan kọ tiwọn, onílé náà sì kan tirẹ̀ mọ́ géètì. Bí oníbàárà bá ní "nọ́ńbà 14", ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ọkàn tẹ̀ ẹ́. Ìpè fóònù ni yóò sọ 14 yẹn di ilé tí èèyàn lè fi ojú rí.

Kí ni mo kọ́kọ́ ń sọ tí ó bá gbé fóònù?

Ẹ kí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó bèèrè ohunkóhun, ẹ sọ ibi tí ẹ ti ń pè, ẹ sì dárúkọ ọjà tó rà. "Ẹ káàárọ̀ sà, láti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ra fáànù onídúró lánàá ni." Gbájúẹ̀ ti pọ̀ lórí fóònù, ó sì tọ́ kí èèyàn fura sí nọ́ńbà àjèjì tó ń bèèrè ilé rẹ̀. Ọjà tó rà ni ẹ̀rí pé ẹ kì í ṣe gbájúẹ̀.

Ẹ má bèèrè ohun tí kò kan ọ̀nà ilé. Ẹ ò nílò nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí i, ẹ ò nílò nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ bi í bóyá òun nìkan ló ń gbé ilé. Bí ó bá ní òun wà lórí ìrìn tàbí nínú ìpàdé, ẹ bi í ìgbà tí ẹ lè padà pè. Ẹni tó ń wakọ̀ kò lè júwe ilé dáadáa, yóò kàn sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu.

Ṣé kí n ka àdírẹ́sì tó kọ sí i létí, kí n bi í bóyá ó tọ̀nà?

Rárá o. Àṣìṣe tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ bá ti kà á tán, "bẹ́ẹ̀ ni" ni yóò sọ, nítorí pé òun náà ló kọ ọ́, kò sì sí irọ́ níbẹ̀. Ẹ ti pe fóònù, ẹ ti ná owó, ohun tí ẹ mọ̀ kò lé sí i.

Ẹ jẹ́ kí òun sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá wà ní Òkè-Fíà báyìí, báwo ni mo ṣe máa rìn dé ọ̀dọ̀ yín?" Tí ó bá ń sọ ọ́, ẹ̀yin ń wo èyí tó kọ. Bí méjèèjì bá bára mu, ó dáa. Bí wọn ò bá bára mu, ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni iṣẹ́ yín wà. Ó lè jẹ́ ilé ìyá rẹ̀ ló kọ, àmọ́ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ń júwe báyìí.

Ṣé ó yẹ kí n bèèrè ìlú? Òṣogbo ṣáà ni gbogbo wọn kọ.

Ẹ bèèrè. Sábó wà ní Òṣogbo, ó wà ní Ìbàdàn, ó wà nílùú púpọ̀ mìíràn. Ọ̀nà Ìwó Òṣogbo kọ́ ni Ìwó Ròódù Ìbàdàn. Ayétòrò ò lóǹkà. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ọ̀nà tó jáde ní Òṣogbo, orúkọ ìlú tí wọ́n lọ ni wọ́n ń jẹ́: Ọ̀nà Ìkìrun, Ọ̀nà Ìlobùú, Ọ̀nà Gbọ̀ngán, Ọ̀nà Ìbòkun. Ẹni tó ní "Ìkìrun" lásán lè wà nínú Òṣogbo níbí, ó sì lè wà ní Ìkìrun gan-an. Owó dísípáàṣì méjèèjì kò dọ́gba.

Ẹ ṣọ́ra fún Abẹ́rẹ̀ náà. Sẹkitéríàtì ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn kọ "Òṣogbo", bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà Ẹdẹ ni ibẹ̀ wà.

Oríta wo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

Èyí tí ẹ̀yin, oníbàárà àti dísípáàṣì mọ̀ dájú, tó sì wà lójú ọ̀nà tí dísípáàṣì máa gbà. Ọláìyá, ràǹdábáòtù Òkè-Fíà, Ọ́ọ̀dù Gáréèjì, Ọjà Ọba níwájú ààfin Àtáọ́ja: kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ̀ wọ́n. Ẹ má jẹ́ kí oníbàárà fi oríta kékeré àdúgbò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó lè ní "tẹ́ ẹ bá ti dé kọ́nà wa", lójú tirẹ̀ gbogbo ayé ló mọ kọ́nà wọn.

Ní Ọláìyá, ẹ tún fi ìbéèrè kan sí i: ṣé a ó gun fíláíófà ni, àbí ìsàlẹ̀ la máa gbà? Ẹni tó bá ti gun òkè ti fo àwọn ìyànà tó wà nísàlẹ̀ kọjá, àfi kó lọ síwájú kó tó lè yí padà.

Ìbéèrè kejì tí mo fẹ́ràn ni ti ojú irin. Rélùwéè la Òṣogbo kọjá, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni alùpùpù ti lè fò ó. "Ṣé a ó kọjá ojú irin ká tó dé ọ̀dọ̀ yín?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdáhùn yẹn ti yọ ìdajì àdúgbò náà kúrò. Odò Ọ̀ṣun náà ń ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó wà lápá ibẹ̀: ẹ bèèrè bóyá a ó gun afárá.

Ó ní kí a yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Kí ló tún kù?

Ó ku ọwọ́ ọ̀tún ta ni.

Ibí ni ọjà ti ń sọnù jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ níbẹ̀. Ènìyàn kì í júwe ilé rẹ̀ bí àlejò ṣe máa rí i, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń padà wálé ló máa ń júwe. Bí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá wà lápá ìwọ̀ oòrùn, láti apá ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti ń bọ̀ kódà nígbà tí ẹ sọ fún un pé Òkè-Fíà ni ẹ ti ń bọ̀. Ẹnu rẹ̀ á sọ "ẹ máa bọ̀ láti Òkè-Fíà", ọwọ́ rẹ̀ á sì máa nà sí ibi tí òun ń yà.

Kì í sì í ṣe ọwọ́ nìkan ló ń yí padà. "Ṣáájú" àti "lẹ́yìn" náà ń yí. Ohun tí ẹni kan bá kọjá kó tó yà, ẹni tó ti òdìkejì bọ̀ kò ní dé ibẹ̀ rárá kó tó yà. Nítorí náà, àṣìṣe kan ṣoṣo nípa ibi tí a ti ń bọ̀ máa ń bí méjì: a ó yà sí ọwọ́ tí kò tọ́, níbi tí kò tọ́.

Ọ̀nà àtimọ̀ ni kí ẹ mú ohun ńlá kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ sì bi í pé ọwọ́ wo ni nǹkan yẹn wà fún ẹni tó ti oríta wa bọ̀. Bí ó bá dáhùn wẹ́rẹ́, ó ń rí ọ̀nà yín. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀, tó ń sọ "ẹ dúró o", inú yín kí ó dùn. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yíjú padà.

"Ìyànà kejì" ńkọ́? Ìyẹn ò ṣe kedere tó ni?

Kò ṣe kedere. Àwọn kan kì í ka ìyànà tí kò ní ọ̀dà. Àwọn kan kì í ka èyí tí mọ́tò kò lè wọ̀. Ẹ bèèrè ohun tó wà lẹ́nu ìyànà tí a ó wọ̀, kí iye tó sọ jẹ́ àlékún lásán.

Irú àmì wo ló ṣeé gbára lé?

Èyí tí kò ní kúrò níbẹ̀ kí ọjà tó dé, tí ẹni tó wà lórí alùpùpù sì lè rí láìsọ̀kalẹ̀. Tíránsífọ́mà dára gan-an, kò pọ̀ ládùúgbò, ó sì ga. Ilé-epo dára. Ilé ìwé, ilé ìwòsàn, mọ́ṣáláṣí tó ní òpó gíga, òpó máásì tẹlifóònù, gbogbo wọn dára. Èyí tó ń dani láàmú ni àmì tó ní ẹsẹ̀. Alákàrà máa ń palẹ̀ mọ́ ní àárọ̀, onísúyà kì í jáde títí ilẹ̀ fi ń ṣú, onípíósì sì lè gbé agboorùn rẹ̀ lọ sí òdìkejì títì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí oníbàárà bá fi ọ̀kan nínú wọn júwe, ẹ gbà á, ẹ wá bèèrè pé kí ló wà lẹ́yìn alákàrà yẹn. Ògiri tàbí ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní kúrò.

Ṣọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó, a kì í rí àdúgbò tó ní ẹyọ kan. Ẹ gba orúkọ ìjọ náà, tàbí àwọ̀ òrùlé rẹ̀.

Orúkọ àtijọ́ àti orúkọ tuntun tún wà. Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti sọ di ti Yuniọ́ṣun, Láútẹ̀ẹ̀kì ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ṣì ń pè é. Ọ̀dọ́ á ní Fúríídọ̀mù Páàkì, bàbá rẹ̀ á ní Ọ́ọ̀dù Gáréèjì, ibì kan náà ni wọ́n ń sọ. Orúkọ tí dísípáàṣì yín ń pè é ni kí ẹ kọ fún un. Ẹ má bá oníbàárà jiyàn lórí èyí tó tọ̀nà, nítorí ìpè ń jówó.

Ẹ fi ìpè kan hàn wá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ jẹ́ ká mú un báyìí. Ìyá kan ra bílẹ́ńdà. Ohun tó kọ ni "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ńlá, Alékúwodò, Òṣogbo". Ràǹdábáòtù Òkè-Fíà ni dísípáàṣì yóò gbà.

— Ẹ káàsán mà. Láti ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ra bílẹ́ńdà lánàá ni mo ti ń pè.

— Ẹ̀n-ẹ́n, káàsán, ọmọ mi. Ṣé ó ti dé ni?

— Ó ti dé mà. Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá wà ní ràǹdábáòtù Òkè-Fíà, báwo ni mo ṣe máa rìn dé ilé yín?

— Kò jìnnà rárá. Máa bọ̀ lọ́nà Alékúwodò, wàá rí mọ́ṣáláṣí ńlá kan. Tó o bá ti kọjá rẹ̀, o yà sọ́wọ́ ọ̀tún.

— Ẹ ṣé mà. Mọ́ṣáláṣí yẹn, ọwọ́ wo ló máa wà fún ẹni tó ti Òkè-Fíà ń bọ̀?

— Ọwọ́ òsì ni… dúró ná. Èmi ò kí ń gba Òkè-Fíà wálé, apá kejì ni mo máa ń gbà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù mi. Òsì mi ló máa ń wà.

— Ó yé mi mà. Tí èmi bá wá ti Òkè-Fíà bọ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ni mọ́ṣáláṣí máa wà nìyẹn?

— Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀tún ni.

— Ìyànà tí mo máa wọ̀ wá ńkọ́ mà, kí n tó dé mọ́ṣáláṣí ni, àbí tí mo bá kọjá rẹ̀?

— Á, kó o tó débẹ̀ ni o! Òsì lo sì máa yà sí.

— Kí ló wà lẹ́nu ìyànà náà mà?

— Wẹ́ldà kan wà níbẹ̀, ó máa ń to géètì síta.

— Tí wẹ́ldà ò bá ṣí lónìí ńkọ́ mà?

— Kóńtínà pupa rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbé e.

— Tí mo bá wọlé, ilé yín ńkọ́?

— Wàá kọjá tíránsífọ́mà, ilé kejì sí i lọ́wọ́ kan náà. Géètì dúdú, táńkì omi búlúù wà lórí òrùlé.

— Ẹ ṣé mà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Láti Òkè-Fíà lọ sí Alékúwodò, kí n tó dé mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún, mo yà sí òsì níbi kóńtínà pupa wẹ́ldà, mo kọjá tíránsífọ́mà, ilé kejì sí i, géètì dúdú, táńkì búlúù. Tíránsífọ́mà yẹn, ọwọ́ wo ló wà tí mo bá ti wọ ìyànà?

— Ọwọ́ òsì. O ti mọ̀ ọ́n, ọmọ mi.

Ẹ wò ó. Ohun tó kọ́kọ́ sọ kò ní irọ́ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ì bá ti gbé dísípáàṣì kọjá mọ́ṣáláṣí, kó sì yà sí ọ̀tún, ní òdìkejì títì sí ilé rẹ̀. Ìbéèrè lórí ọwọ́ tí mọ́ṣáláṣí wà ló tú u. Ẹ tún kíyè sí i pé mọ́ṣáláṣí tí àdírẹ́sì rẹ̀ ní ilé wà "lẹ́gbẹ̀ẹ́" rẹ̀, ilé kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àmì tí gbogbo èèyàn mọ̀ ló kàn mú kọ.

Ṣé kò rọrùn jù kó fi lokéṣọ̀n ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù?

Ó rọrùn, ẹ gbà á tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́, àmọ́ kò pa ìpè rẹ́. Lokéṣọ̀n ń sọ ibi tí fóònù wà nígbà tó fi í ránṣẹ́. Ẹni tó wà níbi iṣẹ́ ní Ògo-Olúwa tó tẹ̀ ẹ́ ti júwe ibi iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè yín ni: "Ṣé inú ilé tí a ń gbé e bọ̀ lẹ wà nígbà tí ẹ fi í ránṣẹ́?" Tó bá sì wà nínú ilé gan-an, fóònù lè fi í sí ojúlé kejì, tàbí sí títì tó wà lẹ́yìn ilé tí ògiri ti dí. Máàpù mú dísípáàṣì dé àdúgbò, géètì dúdú àti táńkì búlúù ló mú un kan ilẹ̀kùn.

Oníbàárà fúnra rẹ̀ kò mọ àdúgbò. Kí ni kí n ṣe?

Èyí wọ́pọ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé lápá Òkè-Baálẹ̀, níbi tí Yuniọ́ṣun wà, àti àwọn tí ìjọba gbé wá síbí láti ìlú mìíràn. Ẹ má fi ìbéèrè há a mọ́gun. Ẹ bi í pé, "Tí ẹ bá fẹ́ wá sílé pẹ̀lú ọ̀kadà láti Ọláìyá, kí lẹ máa ń sọ fún un?" Ọ̀rọ̀ tó ń gbé e délé lójoojúmọ́ yẹn tó fún wa. Tàbí kí ó gbé fóònù fún aládùúgbò tàbí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Ìṣẹ́jú kan lẹ́nu ọmọ àdúgbò sàn ju mẹ́wàá lẹ́nu àlejò.

Bí wọ́n bá rà á fún ẹlòmíràn, ẹni tí yóò gba ọjà ni kí ẹ pè, ẹni tó sanwó lè má dé ilé ọ̀hún rí. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó sanwó kọ́kọ́ bóyá ó fẹ́ kí ẹ̀bùn náà bá a lójijì.

Ṣé àkókò kan wà tí ọ̀nà tí wọ́n júwe kò ní ṣiṣẹ́?

Ó wà. Ní ọ̀sán Jímọ̀, àwọn tó ń kírun lè kún títì iwájú mọ́ṣáláṣí, kí ìyànà tó wà níbẹ̀ dí. Ní oṣù Ògúsì tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń lọ, ẹ má ṣe ìlérí wákàtí fún ẹni tó ń gbé nítòsí ààfin tàbí igbó Ọ̀ṣun lọ́jọ́ tí èrò pọ̀ jù. Ní ìgbà òjò, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bóyá omi ń dí ìyànà wọn.

Kí ni kí n kọ fún dísípáàṣì?

Kò gbọdọ̀ gùn. Ó ń kà á lẹ́bàá títì, oòrùn ń tàn sójú fóònù. Bí yóò ṣe máa rí nǹkan ni kí ẹ tò ó:

"Òkè-Fíà lọ Alékúwodò. Kó o TÓ dé mọ́ṣáláṣí ńlá (ọ̀tún), yà ÒSÌ, kóńtínà pupa wẹ́ldà. Kọjá tíránsífọ́mà (òsì), ilé kejì sí i. Géètì dúdú, táńkì búlúù. Ìyá náà wà nílé títí aago mẹ́rin."

Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níwájú. Bí dísípáàṣì bá wá yí ọ̀nà padà, tó gba apá kejì wọlé, òun fúnra rẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ní láti yí ọwọ́ padà.

Tí kò bá gbé fóònù ńkọ́?

Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mejì, kí àlàfo wà láàárín, ẹ wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú orúkọ ọjà náà. Bí àdírẹ́sì tó kọ bá ní oríta ńlá kan àti àmì méjì tí kò ní ẹsẹ̀, mo lè jẹ́ kí dísípáàṣì gbé e lọ, kó pè é tó bá dé àmì àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ "Ẹ pè mí tí ẹ bá dé Ọláìyá" nìkan ló kọ, ọjà ò kúrò níbí títí yóò fi gbé fóònù.